Ìṣẹ́jú Kan fún Mùíz

Ẹ wá wo ọkùnrin tó ń bá ògiri sọ̀rọ̀. Bọ́dúndé ni wọ́n ń pè é, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ẹni ọdún méjìlélógójì. Ó ní ilé ìtẹ̀wé kékeré kan ní Ṣómólú, òun náà sì ni akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn atẹ̀wé àdúgbò. Ilẹ̀ Ọjọ́bọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ́ ni. Ó dúró lẹ́bàá fèrèsé yàrá rẹ̀ pẹ̀lú ìwé pélébé kan lọ́wọ́, ó ń kí àwọn èèyàn tí kò sí níbẹ̀.

"Ẹ̀yin àgbà ẹgbẹ́, ẹ̀yin ọ̀gá mi lẹ́nu iṣẹ́, àlejò tí mo fẹ́ fi hàn yín lónìí kì í ṣe ẹni yẹpẹrẹ. Ẹnjiníà àgbà ni. Ọ̀pómúléró ni. Ọkùnrin mẹ́ta ni…"

Ó kà á títí ó fi ń làágùn. Ìyàwó rẹ̀, Ìbíyẹmí, tó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì tó ń di irun rẹ̀, ló ń bá a wo aago lórí fóònù.

"Ìṣẹ́jú mẹ́rin, Bàbá Delight," ló wí. "Agogo alága á ti dún títí, ọwọ́ rẹ̀ á ti bó."

Bọ́dúndé fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. Ìbíyẹmí ò tíì parí. "Àti pé ìgbà wo ni Mùíz di ọ̀pómúléró? Ṣebí tẹ́ ẹ bá rí i lọ́ọ̀ọ́kán ní Bárígà, ńṣe lẹ máa ń bọ́ sí òdìkejì títì."

Bọ́dúndé ká ìwé náà, ó tì í sápò, ó jáde lọ fọ ẹnu.

Ó yẹ kí n sọ ti agogo yẹn fún yín. Alága ẹgbẹ́, Alàgbà Ikúmápàyí, ọmọ Ìlàjẹ ni. Apẹja ni bàbá rẹ̀ létí ọ̀sà ní Bárígà, àmọ́ òun fi àwọ̀n sílẹ̀, ó gba ìdí ìtẹ̀wé lọ. Ọkùnrin náà ò fẹ́ràn àsọjù rárá. Lọ́dún tó kọjá, ẹgbẹ́ pe obìnrin kan wá láti ṣàlàyé bí èèyàn ṣe ń tọ́jú íǹkì kí ó má bàa gbẹ. Ẹni tó dìde láti fi obìnrin náà hàn bẹ̀rẹ̀ sí í kì í láti orí bàbá bàbá rẹ̀. Ó kà á dé iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ó kà á dé orí ọkọ rẹ̀, ó dórí mọ́tò tí ọkọ ń gùn. Ìṣẹ́jú méjìdínlógún gbáko. Ìgbà tí obìnrin náà fi máa gba máìkì, epo ti tán nínú jẹnẹrétọ̀. Àwọn èèyàn túká, wọ́n mọ irú mọ́tò tó wà nílé àlejò, wọn ò mọ ohun tí wọ́n ń ṣe sí íǹkì.

Ọ̀sẹ̀ kejì rẹ̀ ni alága ra agogo ọwọ́ kan, irú èyí tí wọ́n ń lù níléèwé. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ fi àlejò hàn, ìṣẹ́jú kan ni. Tó bá lé, agogo á dún, kò sí ẹ̀bẹ̀.

"Nǹkan mẹ́ta péré la fẹ́ gbọ́," ni alága máa ń wí. "Kí ni ọ̀rọ̀ tòní, kí ló kàn wá níbẹ̀? Kí ni àlejò yìí ṣe tó fi yẹ kó sọ ọ́? Ta ni? Kí o dá orúkọ rẹ̀ gbẹ̀yìn, kí a pàtẹ́wọ́, kí o jókòó. Má bá a sọ ọ̀rọ̀ tó fẹ́ sọ. Má fi oyè tí kò ní kún un. Má sì sọ ti ara rẹ, torí kì í ṣe ìwọ la pè."

Gbogbo wọn ti mọ òfin yìí lórí. Bọ́dúndé gan-an ti fi àlejò mẹ́ta hàn lábẹ́ rẹ̀, kò sì sí èyí tó kọjá ìṣẹ́jú kan nínú wọn. Ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe ni. Ó mọ̀ pé tí èèyàn bá ka nǹkan bí ọgọ́fà ọ̀rọ̀ láìkánjú, ìṣẹ́jú kan ti ń lọ tán nìyẹn. Ó mọ̀ pé ó yẹ kí èèyàn pe àlejò náà kó tó di ọjọ́ rẹ̀, kó bi í bí wọ́n ṣe ń pe orúkọ rẹ̀ àti ohun tó fẹ́ kí wọ́n sọ. Kí ló wá dé tí ti Mùíz fi di ìṣẹ́jú mẹ́rin? Kí ló dé tó fi di Ọjọ́bọ̀, tí ìpàdé ku ọ̀tunla, kó tó ronú àtipe ọkùnrin náà?

Ẹ̀rù ni. Mi ò ní bá a fi bò. Ẹ̀rù ń ba Bọ́dúndé, ó sì ti tó ọdún mẹ́rìnlá tó ti ń bà á.

Lákòókò yẹn, abẹ́ ọ̀gá kan náà ni òun àti Mùíz ti ń ṣiṣẹ́, nínú ṣọ́ọ̀bù kan tí kò jìnnà sí Fádèyí. Ọmọ Ìsẹ́yìn ni Mùíz, òun ni àgbà lẹ́nu iṣẹ́, òun ló sì kọ́ Bọ́dúndé bí wọ́n ṣe ń lo ẹ̀rọ ìgébébà. Fún ẹni tí kò bá rí ẹ̀rọ náà rí: tábìlì irin kan ni, abẹ gígùn wà lókè rẹ̀, wọ́n á to ìdì bébà sábẹ́ abẹ. Bọ́tìnnì méjì ló wà níwájú, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì, wọ́n jìnnà síra. Àfi kí èèyàn tẹ méjèèjì pọ̀ kí abẹ tó sọ̀kalẹ̀. Ẹni tó ṣe é gbọ́n. Bí ọwọ́ méjèèjì bá wà lórí bọ́tìnnì, ọwọ́ wo ló tún kù tí abẹ máa bá nísàlẹ̀?

Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, ìwé ètò ìsìnkú ẹgbẹ̀rún kan ló wà nílẹ̀, àwọn tó ni òkú sì ti jókòó síwájú ṣọ́ọ̀bù, wọ́n ń wo aago. Oṣù ààwẹ̀ ni. Mùíz lọ kírun ọ̀sán, ó ní kí Bọ́dúndé máa gé e lọ. Bọ́dúndé rí i pé tóun bá ń fi ọwọ́ méjèèjì tẹ bọ́tìnnì lórí ìdì kọ̀ọ̀kan, ilẹ̀ á ṣú. Ó ká páálí kan le, ó tì í há ẹ̀gbẹ́ bọ́tìnnì òsì kó lè wà ní títẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó wá ń fi ọ̀tún nìkan gé e, ó ń fi òsì to bébà. Ó yá, kò sí irọ́ níbẹ̀. Ọ̀gá wọn ké pè é síwájú pé kó wá gbé èyí tó ti parí. Ó ní òun á yọ páálí náà tóun bá padà dé.

Mùíz ló kọ́kọ́ padà dé. Ó bọ́ sídìí ẹ̀rọ tó ti ń lò láti ọdún mẹ́sàn-án. Ó ní àṣà kan, ó máa ń fi ọwọ́ ọ̀tún sinmi lórí bọ́tìnnì nígbà tí tòsì bá ń ti bébà wọlé, torí ó mọ̀ pé bọ́tìnnì kan ṣoṣo ò lè ṣe nǹkan kan. Abẹ sọ̀kalẹ̀. Ìka mẹ́rin ni, lọ́wọ́ òsì. Àtàńpàkò nìkan ló kù.

Bọ́dúndé ló kọ́kọ́ sáré dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Kó tó fi aṣọ di ọwọ́ náà, ó yọ páálí, ó fi sápò. Kó tó dì í o. Ohun tí kò jẹ́ kó sùn dáadáa láti ọjọ́ yẹn nìyẹn. Kò tilẹ̀ rò ó, ọwọ́ rẹ̀ ló lọ síbẹ̀ fúnra rẹ̀. Nírọ̀lẹ́, ó ju páálí náà sí gọ́tà.

Wọ́n gbé Mùíz lọ sí ilé ìwòsàn eegun tó wà ní Ìgbóbì. Àwọn dókítà ṣe èyí tí agbára wọ́n ká, ìka ò padà. Ọ̀gá wọn ní ààwẹ̀ ló kó òòyì bá a, pé ojú rẹ̀ ló ṣú, ọ̀rọ̀ náà sì tàn káàkiri Ṣómólú. Lọ́jọ́ kẹta, Bọ́dúndé lọ kí i lórí bẹ́ẹ̀dì.

"Bọ́dúndé, ṣé ẹnì kan fi nǹkan sí bọ́tìnnì yẹn?" ni Mùíz bi í.

"Rárá o, ẹ̀gbọ́n. Mi ò rí nǹkan kan."

Mùíz wò ó títí. Wíwò yẹn ni Bọ́dúndé ń gbé kiri láti ọjọ́ náà. Ó dá a lójú pé ọkùnrin náà mọ̀, pé ó kàn ń dúró de ìgbà tó máa dùn ún jù ni.

Ọ̀gá wọn ti kú báyìí. Mùíz jókòó sílé fún ọdún mẹ́ta, lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í tún ẹ̀rọ ìgébébà ṣe, irú ẹ̀rọ tó gé e gan-an, pẹ̀lú ọwọ́ kan àti àtàńpàkò kan. Wọ́n ń pè é ní Ṣómólú, wọ́n ń pè é ní Bárígà. Àmọ́ wọ́n ní ọkàn rẹ̀ ti le. Wọ́n ní kì í gbààwẹ̀ mọ́, pé lọ́sàn-án gangan nínú oṣù Ramadáànù á jókòó síta, á máa jẹ búrẹ́dì pẹ̀lú ẹ̀wà lójú àwọn tí wọ́n jọ ń kírun. Bọ́dúndé fojú ara rẹ̀ rí i lẹ́ẹ̀kan. Kò dúró kí i.

Ìgbà tí alága wá sọ pé ìpàdé oṣù yìí máa dá lórí bí a ṣe lè dáàbò bo ọwọ́ wa, pé Mùíz ni àlejò, pé "akọ̀wé ni kó fi í hàn, wọ́n jọ ṣiṣẹ́ rí," ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò. Ọ̀nà tí Bọ́dúndé rí ni pé kóun kó ìyìn bò ó mọ́lẹ̀. Ẹni tó bá gbọ́ irú oríkì yẹn tán níwájú ọgọ́rin èèyàn, ṣé á tún ní ẹnu láti fi ba ẹni tó kì í jẹ́? Bó ṣe rò ó nìyẹn. Ìwà ọmọ aráyé ni.

Ó pè é láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀ náà.

"Bọ̀ọ̀dá Mùíz, ẹ káàárọ̀ sà. Bọ́dúndé ni."

"Bọ́dúndé. Ó tó ọjọ́ mẹ́ta kan."

"Iṣẹ́ ni, ẹ̀gbọ́n. Èmi ni wọ́n ní kí n fi yín hàn lọ́jọ́ Sátidé. Mo ti kọ nǹkan sílẹ̀, mo fẹ́ kà á fún yín."

Ó bẹ̀rẹ̀. Mùíz ò jẹ́ kó ju gbólóhùn kẹta lọ.

"Ta ni ẹnjiníà àgbà? Mi ò lọ iléèwé ẹnjiníà. Alátùn-únṣe ẹ̀rọ ni mí, ọdún mọ́kànlá nìyí. O ní ẹgbẹ̀rún ọ̀dọ́ ni mo ti kọ́. Mọ́kànlélógún ni, mo mọ orúkọ wọn. Tó o bá gbé mi gẹṣin aáyán báyìí, tí mo bá wá dìde tí mi ò jọ ohun tó o pè mí, ta lojú máa tì?"

"Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n. Mo kàn fẹ́ bọlá fún yín ni."

"Sọ iṣẹ́ mi àti iye ọdún tí mo ti ṣe é. Pe orúkọ mi dáadáa. Ó ti tó." Ó wúkọ́. "Ṣùgbọ́n ohun kan wà tó o fò."

Bọ́dúndé tẹ fóònù mọ́ etí.

"O ò sọ ti ọwọ́ mi. Òun ni ìwé ẹ̀rí mi, òun ni wọ́n tìtorí ẹ̀ pè mí. Sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀. Má fa á gùn, ìyókù ni màá sọ. Kó ṣáà jẹ́ òótọ́. O wà níbẹ̀, Bọ́dúndé, mi ò ní láti kọ́ ẹ."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Mò ń mú nǹkan kan bọ̀ lọ́jọ́ náà. Mo fẹ́ kí gbogbo wọn fojú rí i."

Fóònù kú. Bọ́dúndé dúró síbẹ̀ pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́. Kí ni Mùíz fẹ́ mú wá? Páálí tó ti wọ gọ́tà lọ́dún mẹ́rìnlá sẹ́yìn, ṣé ẹnì kan hú u jáde ni? Ó mọ̀ pé kò lè rí bẹ́ẹ̀. Ó tún ń bi ara rẹ̀ léèrè ṣá.

Ọjọ́ méjì tó tẹ̀lé e, oúnjẹ ò wọlé. Àdúgbò wọn nìyẹn, ilé kan nínú mẹ́ta ló ní ẹ̀rọ ìgébébà, wọ́n á máa dún gbì, gbì, láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Láti ọdún pípẹ́ ni kò ti gbọ́ ọ mọ́, bí ẹni tó ń gbé létí ọ̀sà ò ṣe gbọ́ omi. Báyìí, ó ń gbọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Tó bá dún, á dúró de ẹ̀kejì. Tí ẹ̀kejì bá pẹ́, á gbójú sókè kó wò bóyá ẹnì kan máa kígbe.

Lọ́jọ́ Ẹtì, ó lọ bá alága, ó ní ara òun ò yá, kí ẹlòmíì bá òun ṣe é.

"Ìṣẹ́jú kan náà?" ni Alàgbà Ikúmápàyí wí. "Akọ̀wé, kí ló ń ṣe ẹ́? Sọ pé alátùn-únṣe ni, sọ pé ààwẹ̀ kó òòyì bá a, ẹ̀rọ gé e. Ìtàn tí gbogbo wa mọ̀ náà nìyẹn. Ẹ̀kọ́ ló máa jẹ́ fáwọn ọ̀dọ́."

Ó délé, ó jókòó, ó kọ ìwé tuntun. Gbogbo oyè ló yọ kúrò. Ohun tó kù ṣe kedere, kò ní ọ̀rá, àfi àlàfo tó fi sílẹ̀ níbi tó yẹ kó sọ bí ẹ̀rọ ṣe gé ọwọ́ Mùíz. Ó kà á fún Ìbíyẹmí, ogójì ìṣẹ́jú àáyá péré ló gbà. Ìbíyẹmí gba ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Èyí dáa. Àmọ́ kí ló wà níbi tẹ́ ẹ fò yìí?"

Ó sọ ti páálí náà fún un. Ìgbà àkọ́kọ́ tó máa sọ ọ́ fún ẹ̀dá alààyè nìyẹn. Ìbíyẹmí gbé ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sórí itan, ó wo ìka wọn.

"Ẹ̀ẹ̀mejì lọkùnrin yẹn wá sí ìkómọ wa," ló wí nígbẹ̀yìn. "Ó fi ọwọ́ kan gbé Delight."

"Mo mọ̀."

"Ẹ ẹ̀ lè pe ààwẹ̀ lójú ẹni tó mọ̀ pé kì í ṣe ààwẹ̀. Ó sì ti ní kẹ́ ẹ sọ òótọ́. Tó bá jẹ́ òun ló fẹnu ara ẹ̀ sọ ọ́, ọ̀daràn lẹ máa jẹ́."

"Tó bá jẹ́ èmi ni mo sọ ọ́ ńkọ́?"

"Ọ̀daràn náà ni," ni ìyàwó rẹ̀ wí. "Ṣùgbọ́n ẹni tó jẹ́wọ́ ni."

Ó mọ ohun tó máa ná an. Ta ni á gbé ọmọ rẹ̀ fún un kó wá kọ́ṣẹ́ mọ́? Ta ló máa pè é ní akọ̀wé? Ṣọ́ọ̀bù tó fi ọdún mẹ́wàá kọ́, orúkọ rere ló gbé e dúró, kò sí nǹkan mìíràn. Ṣùgbọ́n bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo lòótọ́ máa bá a. Ó rò pé Sátidé lọjọ́ náà, yálà òun fẹ́ o, yálà òun kọ̀. Ó gbé bírò, ó dí àlàfo náà.

Gbọ̀ngàn kún lọ́jọ́ Sátidé. Aago mọ́kànlá àárọ̀ ni, oòrùn mú, fáànù ń yí láìfẹ́ atẹ́gùn. Mùíz wọlé nínú bùbá funfun. Irun rẹ̀ ti ń hewú. Náìlọ́nù dúdú kan wà ní ìgbọ̀nwọ́ òsì rẹ̀, ohun tó wà nínú rẹ̀ wúwo, nígbà tó gbé e sórí tábìlì, ó dún bí igi àti irin. Ó na ọwọ́ ọ̀tún sí Bọ́dúndé, ó sì di ọwọ́ rẹ̀ mú pẹ́.

"O ti kọ ọ́?"

"Mo ti kọ ọ́, ẹ̀gbọ́n."

"Òótọ́?"

"Òótọ́ ni."

"Ó dáa," ni Mùíz wí, ó sì lọ jókòó.

Alága nawọ́ sí Bọ́dúndé, ó tẹ aago fóònù rẹ̀, ó gbé agogo sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọwọ́. Bọ́dúndé gba máìkì. Ó fi ìka méjì tẹ ìwé náà mọ́ àyà díẹ̀ kó tó gbé e sókè. Ohun tó kà rèé:

"Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin èèyàn wa. Ọ̀rọ̀ tòní dá lórí bí a ṣe lè dáàbò bo ọwọ́ wa nídìí ẹ̀rọ ìgébébà. Ó kan gbogbo wa, torí ọwọ́ la fi ń jẹun. Ẹni tó fẹ́ bá wa sọ ọ́, ọdún mẹ́sàn-án ló fi gé bébà. Ọdún mọ́kànlá ló ti ń tún ẹ̀rọ náà ṣe ní Ṣómólú àti Bárígà, ó sì ti kọ́ èèyàn mọ́kànlélógún. Ìka mẹ́rin ló pàdánù sídìí ẹ̀rọ. Kì í ṣe ààwẹ̀ ló fà á. Èmi ni mo fi páálí ti bọ́tìnnì kan mọ́lẹ̀, mi ò sọ fún un, mo sì yọ ọ́ kí ẹnì kankan tó rí i. Ẹ jẹ́ ká gbọ́rọ̀ lẹ́nu Ọ̀gbẹ́ni Mùíz Ọláníhún."

Ìṣẹ́jú àáyá mọ́kàndínláàádọ́ta. Agogo ò dún. Ẹnikẹ́ni ò pàtẹ́wọ́.

Mùíz dìde. Kò sáré, kò sì wo ojú ẹnì kankan. Ó fi ìka ọ̀tún tú náìlọ́nù dúdú náà. Pákó pẹlẹbẹ kan ló yọ jáde, ó ti kan bọ́tìnnì pupa méjì mọ́ ọn lórí, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì, pẹ̀lú gílóòbù kékeré kan láàárín, kí àwọn ọ̀dọ́ lè máa jáde lọ́kọ̀ọ̀kan láti fi ọwọ́ méjèèjì tẹ̀ ẹ́ kí iná tàn. Kò sí nǹkan mìíràn nínú náìlọ́nù náà. Kò sí páálí.

Ó yọ ìwé tó fẹ́ kà lápò, ó tẹ́ ẹ sórí pákó. Bọ́dúndé ò tíì jókòó. Ó sún mọ́ tábìlì tó bẹ́ẹ̀ tó fi rí ìlà àkọ́kọ́, tí wọ́n kọ gbàgàdà pé: *Àìbìkítà ara mi ló gba ọwọ́ mi, ẹ má ṣe bíi tèmi.*

Ọkùnrin náà ò mọ̀. Kò mọ̀ rí, títí di ìṣẹ́jú yìí.

"Páálí?" ni Mùíz bi í. Ohùn rẹ̀ ò lọ sókè.

"Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀gbọ́n."

"Bọ́tìnnì wo?"

"Tòsì."

Mùíz gbé ọwọ́ ọ̀tún lé bọ́tìnnì ọ̀tún tó wà lórí pákó, bó ti máa ń ṣe láyé ọjọ́un. Ó wo tòsì.

"Mo bi ẹ́ ní Ìgbóbì," ló wí. "O ní o ò rí nǹkan kan. Mo gbà ẹ́ gbọ́, torí èmi ni mo kọ́ ẹ. Nígbà tí mo ní okun, mo wá irú ẹ̀rọ yẹn rà, àlòkù tó ti bàjẹ́. Mo tú u palẹ̀, mo tò ó padà, mò ń wá ọ̀nà tí bọ́tìnnì kan fi lè gé èèyàn. Bí mo ṣe di alátùn-únṣe nìyẹn. Mi ò rí ọ̀nà náà. Mo wá gbà pé ọwọ́ mi ló tẹ méjèèjì, pé ọpọlọ mi ló kúrò níbẹ̀, pé bí gbogbo wọn ṣe wí náà ni."

"Ẹ̀gbọ́n," ni Bọ́dúndé wí, "mo rò pé ẹ mọ̀."

Mùíz ká ìwé rẹ̀ sí méjì, ó tún un ká sí mẹ́rin, pẹ̀lú ọwọ́ kan, ó pẹ́ kó tó parí rẹ̀. Ó yíjú sí alága. Máìkì ṣì wà níwájú rẹ̀, gbogbo gbọ̀ngàn ló gbọ́ ọ.

"Ọdún mẹ́rìnlá, alága," ló wí. "Ọdún mẹ́rìnlá ni mi ò gbààwẹ̀. Mo sọ fún Ọlọ́run pé ààwẹ̀ rẹ̀ ló gba ọwọ́ mi."

Ó jókòó. Ní ìta, nínú ṣọ́ọ̀bù kan tí wọn ò tì fún ìpàdé, ẹ̀rọ kan dún gbì, ó sì tún dún.